A ka ogójì ọjọ́ Lẹ́ńtì, kò dé Àjíǹde: ẹ bá wa tò ó sórí pátákó

Akọ̀wéPátákó

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Àwa mẹ́fà ni olùkọ́ wa yàn láti ṣe pátákó fún gbọ̀ngàn tí a ti ń jọ́sìn ní ilé-ìwé. Ọdún ìjọ ni a fẹ́ fi hàn níbẹ̀, láti Ádífẹ́ńtì títí dé Pẹ́ńtíkọ́sì. A óò ta okùn kan láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún, a óò wá so káàdì aláwọ̀ mọ́ ọn, káàdì kan fún Sọ́ńdè kan. Ibi tí wọ́n fún wa fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 250. Ádífẹ́ńtì ọdún 2026 ni yóò bẹ̀rẹ̀, Pẹ́ńtíkọ́sì ọdún 2027 ni yóò parí.

Ibi tí a há sí rèé. Wọ́n kọ́ wa pé ogójì ọjọ́ ni Lẹ́ńtì. Ọjọ́rú Eléérú ọdún 2027 bọ́ sí ọjọ́ 10 oṣù Kejì. Ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ibẹ̀, nígbà tó pé ogójì, ọjọ́ 21 oṣù Kẹta ló bá ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ni wọ́n kọ Àjíǹde sí nínú kàlẹ́ńdà. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti kà á, ibì kan náà ló ń já sí. Àwa la ò mọ̀ ọ́n kà ni, àbí kàlẹ́ńdà ló ṣì?

ỌdọÌjọ

Àbúrò, ẹ̀yin lẹ ò mọ̀ ọ́n kà. Wọn kì í ka Sọ́ńdè mọ́ ọjọ́ Lẹ́ńtì. Ẹ yọ ọ́ kúrò, yóò gún.

Ti Ádífẹ́ńtì kò le rárá. Ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ló máa ń bẹ̀rẹ̀, á parí ní ọjọ́ 24. Kàlẹ́ńdà Ádífẹ́ńtì tí mo ní nígbà tí mo wà ní kékeré, ilẹ̀kùn 24 ló wà lára rẹ̀, à ń ṣí ọ̀kan lójoojúmọ́. Ẹ ṣe káàdì 24 fún un.

BàbáAgogo

Ọmọ mi, ọ̀rẹ́ rẹ mọ̀ ọ́n kà dáadáa, kàlẹ́ńdà náà kò sì ṣì. Wo ọjọ́ tó bọ́ sí: ọjọ́ 21 oṣù Kẹta ọdún 2027 ni Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ. Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti dúró. Bí ẹ bá ká àwọ̀ Lẹ́ńtì kúrò níbẹ̀, ẹ ti yọ ọ̀sẹ̀ tí Lẹ́ńtì ń sáré lọ bá dànù.

Láti Ọjọ́rú Eléérú títí dé ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú Àjíǹde, ọjọ́ 46 ni. Ẹ kà á fúnra yín: ọjọ́ 19 nínú oṣù Kejì, 27 nínú oṣù Kẹta. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́fà ló wà láàárín rẹ̀. Yọ mẹ́fà kúrò nínú 46, ó ku 40. Ohun tí ẹni tó ṣáájú mi sọ nípa èyí tọ̀nà. Ìdí rẹ̀ ni pé ogójì yẹn jẹ́ ogójì ọjọ́ ààwẹ̀, nítorí ogójì ọjọ́ tí Jésù gbà nínú aginjù, ìjọ kì í sì í gbààwẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi. Ọjọ́ tí Olúwa jíǹde ni, ìbáà bọ́ sáàárín Lẹ́ńtì. Nítorí náà, ọjọ́ Ìsinmi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà nínú àsìkò Lẹ́ńtì, àwọ̀ Lẹ́ńtì sì ni ẹ óò fún wọn, ṣùgbọ́n wọn kò sí nínú ogójì.

Ọ̀rọ̀ Ádífẹ́ńtì ni n kò bá a gbà sí. Kàlẹ́ńdà onílẹ̀kùn ti àwọn ọmọdé ló ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá, kí ẹni tó ṣe é má baà máa yí i padà lọ́dọọdún. Ti ìjọ jẹ́ ọjọ́ Ìsinmi mẹ́rin tó ṣáájú Kérésìmesì. Ìkíní nínú wọn ni ọjọ́ Ìsinmi tó súnmọ́ àjọ̀dún Áńdérù Mímọ́ jù lọ, èyí tó jẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá. Ó lè bọ́ sí ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá, ó lè pẹ́ títí dé ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá, kò sì lè kọjá bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tiyín, ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ni. Káàdì mẹ́rin péré: 29, lẹ́yìn náà 6, 13 àti 20 oṣù Kejìlá.

AráIléÀdúrà

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó tọ́ kí ọmọ kékeré gba ààwẹ̀ fún 46 ọjọ́? Èmi kò ní jẹ́ kí ọmọ mi ṣe é o. Ilé-ìwé wo ló ń fi irú èyí kọ́ wọn?

Akọ̀wéPátákó

Rárá o, mà. A kò gbààwẹ̀ kankan. Káàdì ni à ń kà.

AráIléÀdúrà

Ó dáa, mo ti rí i. Ẹ má bínú, ọmọ mi, mi ò ka òkè dáadáa. Ṣé ẹ óò fi iná abẹ́là Ádífẹ́ńtì mẹ́rin yẹn sí i? Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, bí wọ́n ṣe ń tan ọ̀kan kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Olùkọ́ẸkọÌwéMímọ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi kí ẹ tó gé káàdì kankan. Ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni tẹ́lẹ̀ ní irú okùn yìí gan-an. Ó rẹwà. Nígbà tí ọdún yípo, mo ní kí àwọn ọmọ tún gbé e kọ́ bó ṣe wà. A lẹ Ọjọ́rú Eléérú mọ́ ibi tó wà lọ́dún tó kọjá. Ọjọ́ tí àwọn ọmọ ti ilé ìjọsìn dé pẹ̀lú eérú níwájú orí, káàdì aláwọ̀ ewé ló ṣì wà lókè orí wọn nínú gbọ̀ngàn. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé ṣé ilé-ìwé kò tíì wọ Lẹ́ńtì ni. Ó dùn mí gan-an, nítorí àwọn ọmọ náà gbẹ́kẹ̀ lé pátákó yẹn.

Ohun tó kọ́ mi ni pé òpó méjì ló gbé ọdún ìjọ dúró, ọ̀kan kì í kúrò lójú kan, èkejì ń rìn. Kérésìmesì ò kúrò ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá. Ìfarahàn Olúwa ò kúrò ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní. Àjíǹde ló ń rìn, ó sì ń fa Ọjọ́rú Eléérú, Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, Ìgòkè-re-ọ̀run àti Pẹ́ńtíkọ́sì lọ síbi tó bá lọ. Ẹ kọ́kọ́ kan káàdì Àjíǹde mọ́ ogiri ná. Láti ibẹ̀ ni kí ẹ ti kà sẹ́yìn, kí ẹ sì kà síwájú.

Akọ̀wéPátákó

Ẹ ṣeun, mà. Kí ló ń jẹ́ kí Àjíǹde máa rìn bẹ́ẹ̀?

BàbáAgogo

Òṣùpá ni. Ìgbà Ìrékọjá àwọn Júù ni wọ́n kan Olúwa mọ́ àgbélébùú, ìgbà tí òṣùpá bá sì kún ni Ìrékọjá. Ìjọ fẹ́ pa òṣùpá yẹn mọ́, ó sì tún fẹ́ kí Àjíǹde má kúrò ní ọjọ́ Ìsinmi. Ó wá so méjèèjì pọ̀: wá ọjọ́ 21 oṣù Kẹta, wá òṣùpá àrànmọ́jú tó bá bọ́ sí ọjọ́ yẹn tàbí tó tẹ̀lé e, ọjọ́ Ìsinmi tó bá wá tẹ̀lé òṣùpá náà ni Àjíǹde. Ní ìpàdé Nàísíà ní ọdún 325 ni wọ́n ti fẹnu kò pé kí gbogbo ìjọ máa ṣe é ní ọjọ́ kan náà.

Ẹ fi ọdún tiyín dán an wò. Òṣùpá kún ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 22 oṣù Kẹta 2027. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e ni ọjọ́ 28. Òun náà nìyẹn. Lọ́dún 2028 ẹ̀wẹ̀, ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin ni Àjíǹde. Ẹ rí i bó ṣe fò tó. Ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ni kò lè ṣáájú, ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ni kò lè kọjá.

Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ sí i ni pé ìwé ìṣirò ni ìjọ fi ń wá òṣùpá yìí. Kò sẹ́ni tó ń dúró wo ojú ọ̀run. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ọdún tí òṣùpá ojú ọ̀run fi ọjọ́ kan yàtọ̀ sí ti ìwé, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú. Àwọn ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì ń lo kàlẹ́ńdà àtijọ́ fún ìṣirò tiwọn, ìdí nìyẹn tí tiwọn fi bọ́ sí ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún ní 2027. Bí ọmọ ìjọ náà bá wà ní kíláàsì yín, ẹ fi káàdì kékeré kan síbẹ̀ fún un.

ỌdọÌjọ

Mo gbà, sà. Mi ò mọ ti Áńdérù Mímọ́ yẹn tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún jọ̀wọ́, ẹ ṣàlàyé èyí fún wa: Ìgòkè-re-ọ̀run jẹ́ ogójì ọjọ́ lẹ́yìn Àjíǹde. Mo fi 40 kún ọjọ́ 28 oṣù Kẹta, ó gbé mi lọ sí ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún. Ọjọ́ Ẹtì nìyẹn, bẹ́ẹ̀ Ọjọ́bọ̀ la máa ń ṣe é. Ṣé a tún ní láti yọ Sọ́ńdè níbí ni?

BàbáAgogo

Rárá, ẹ má yọ Sọ́ńdè kankan lẹ́yìn Àjíǹde. Ogójì ti ààwẹ̀ yàtọ̀, ogójì ti ayọ̀ yàtọ̀. Kò sí ìdí láti fo ọjọ́ Ìsinmi nígbà tí kò sí ẹni tó ń gbààwẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé o fò ọjọ́ Àjíǹde fúnra rẹ̀. Òun ni ọjọ́ kìíní. Gbọ́ bí àwa náà ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu: bí mo bá ní mo rí ọ ní ìjẹta, òní, àná àti ọjọ́ yẹn ló pé mẹ́ta. Òní wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kà á nínú Bíbélì náà nìyẹn. Wọ́n kàn án mọ́ àgbélébùú ní ọjọ́ Ẹtì, ó jíǹde ní ọjọ́ kẹta: Ẹtì, Àbámẹ́ta, Àìkú. Bí o bá fi 3 kún ọjọ́ Ẹtì bí ẹ ti ń ṣe ìṣirò, ọjọ́ Ajé lo máa bá ara rẹ.

Torí náà ka ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ní ọ̀kan. Oṣù Kẹta fún ọ ní mẹ́rin, oṣù Kẹrin fún ọ ní ọgbọ̀n, ó di 34. Mẹ́fà sí i nínú oṣù Karùn-ún, ogójì pé ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 6. Má dúró, máa kà lọ: ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ni àádọ́ta pé, ọjọ́ Ìsinmi sì ni. Ohun tí orúkọ Pẹ́ńtíkọ́sì túmọ̀ sí ní èdè Gíríìkì gan-an nìyẹn, ọjọ́ àádọ́ta. Ìwé Léfítíkù orí 23 ti ní kí wọ́n máa ka àádọ́ta ọjọ́ yìí fún àjọ̀dún ìkórè kí àwọn àpọ́sítélì tó wà rárá, òun ló fi jẹ́ pé èrò láti oríṣiríṣi ilẹ̀ ló kún Jerúsálẹ́mù lọ́jọ́ tí Ẹ̀mí Mímọ́ bà lé wọn.

Bí ọmọ kan bá ní Ìgòkè-re-ọ̀run bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, ẹ ti mọ̀ pé ó fo ọjọ́ Àjíǹde. Ọjọ́bọ̀ ni kó já sí. Bí Pẹ́ńtíkọ́sì rẹ̀ bá bọ́ sí ọjọ́ Ajé, àṣìṣe kan náà ni.

Akọ̀wéPátákó

A ti kà á, ó bọ́ sí i! Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kí yín, sà. A wá to gbogbo Sọ́ńdè náà. Ádífẹ́ńtì gba mẹ́rin. Kérésìmesì gba méjì, ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá àti ọjọ́ 3 oṣù Kìíní. Lẹ́yìn Ìfarahàn Olúwa, márùn-ún ló wà kí Lẹ́ńtì tó dé. Lẹ́ńtì gba mẹ́fà, Àjíǹde gba méje, Pẹ́ńtíkọ́sì ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 25. Sẹ̀ntímítà 250, káàdì 25, mẹ́wàá mẹ́wàá gún régé!

Olùkọ́ẸkọÌwéMímọ́

Ìṣirò yín pé, mo sì yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gé e ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Ẹ ro àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín. Mo bá yín ka ọdún 2027 sí 2028: Ọjọ́rú Eléérú bọ́ sí ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta, nítorí náà Sọ́ńdè mẹ́jọ ló máa wà láàárín Ìfarahàn àti Lẹ́ńtì. Gbogbo okùn á jẹ́ káàdì 28. Ogiri yín á fi sẹ̀ntímítà 30 kéré.

Àárín yẹn ni ibi tó ń nà tó sì ń súnkì jù lọ. Ó lè jẹ́ mẹ́rin, ó lè dé mẹ́sàn-án. Ẹ gé káàdì ní sẹ̀ntímítà mẹ́jọ ní fífẹ̀, kí ẹ ṣe ti àárín yìí ní mẹ́sàn-án, kí ẹ so márùn-ún kọ́, kí ẹ fi mẹ́rin tó kù sínú àpòòwé kan lẹ́yìn pátákó. Ẹ má kọ déètì sára káàdì. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé pélébé kan tí a lè fi píìnì kọ́ sábẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ yín lè pààrọ̀ rẹ̀.

Ohun mìíràn ni àwọn ọjọ́ ńlá tí kì í ṣe Sọ́ńdè. Kérésìmesì bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì lọ́dún yín, Ìfarahàn bọ́ sí Ọjọ́rú. Bí ẹ bá fún wọn ní àyè lórí okùn, kíkà yín á dàrú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n so rọ̀ sísàlẹ̀ láàárín Sọ́ńdè méjì. Ọjọ́rú Eléérú, Ọjọ́bọ̀ Mímọ́, Ọjọ́ Ẹtì Rere àti Ìgòkè-re-ọ̀run náà á ṣe bẹ́ẹ̀.

ỌmọMàríà

Ẹ̀yin ará, ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ àwọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọ̀ ni àwọn ọmọ kékeré máa kọ́kọ́ rí. Ní ìjọ Kátólíìkì tiwa, elésè àlùkò ni Ádífẹ́ńtì àti Lẹ́ńtì, funfun ni Kérésìmesì àti Àjíǹde, àwọ̀ ewé ni àárín tó ń nà yẹn, pupa ni Pẹ́ńtíkọ́sì nítorí ahọ́n iná. Sọ́ńdè kẹta Ádífẹ́ńtì àti ìkẹrin Lẹ́ńtì lè jẹ́ pínkì, ìyẹn ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá àti ọjọ́ 7 oṣù Kẹta lọ́dún tiyín. Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ náà pupa ni, Ọjọ́ Ẹtì Rere pẹ̀lú, nítorí ẹ̀jẹ̀.

ÌyáAkọrin

Ọjọ́ Ẹtì Rere, pupa ke? Dúdú ni a mọ̀ ní tiwa, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn ìjọ mìíràn tilẹ̀ ń ká gbogbo aṣọ kúrò lórí pẹpẹ láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀, wọn ò fi àwọ̀ kankan síbẹ̀ rárá títí Àjíǹde fi dé. Mo tún ti rí ìjọ tó ń lo búlúù fún Ádífẹ́ńtì, kí ó má baà dà bíi Lẹ́ńtì.

Fún tèmi, kí àwọn ọmọ fi káàdì tí kò ní àwọ̀ so rọ̀ ní Ọjọ́ Ẹtì Rere. Àyè tó ṣófo láàárín gbogbo àwọ̀ yẹn á bá ọmọdé sọ̀rọ̀.

ỌmọMàríà

Èmi ò lè fara mọ́ òfìfo yẹn, mà. Ọmọ tó rí òfìfo á rò pé káàdì já bọ́ ni. Pupa dára jù, á sì mú kí wọ́n bèèrè ìdí tó fi bá ti Pẹ́ńtíkọ́sì mu.

BàbáAgogo

Èyí kò níí tán lórí pátákó wa níbí, ìjọ ni kálukú ti gba tirẹ̀. Kí àwọn ọmọ bi olùṣọ́ àgùntàn tó ń darí ìjọsìn ilé-ìwé wọn.

ỌdọÌjọ

Kí wọ́n ya àdàbà sórí káàdì Pẹ́ńtíkọ́sì, pẹ̀lú ìjì àti iná. Bó ṣe wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì nìyẹn.

Olùkọ́ẸkọÌwéMímọ́

Ẹ ṣí Ìṣe orí kejì kí ẹ kà á. Ìró bí ti ìjì líle wà níbẹ̀, ahọ́n bí iná wà níbẹ̀, àdàbà kò sí. Odò Jọ́dánì ni Ẹ̀mí ti bà lé Jésù bí àdàbà, nígbà ìrìbọmi rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjọ sì ń rántí ìrìbọmi yìí ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́ lẹ́yìn Ìfarahàn, ọjọ́ 10 oṣù Kìíní fún yín. Ẹ gbé àdàbà lọ síbẹ̀. Àwọ̀ funfun ni káàdì ọjọ́ náà máa ń ní, nítorí náà mẹ́rin péré ni yóò jẹ́ àwọ̀ ewé nínú márùn-ún àárín.

ÌyáAkọrin

Àdàbà lórí Pẹ́ńtíkọ́sì kò ṣe mí ní nǹkan kan. Àmì Ẹ̀mí Mímọ́ ni, ibi gbogbo la ti ń rí i.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un fún àwọn ọmọ. Nínú Lẹ́ńtì, ọ̀pọ̀ ìjọ kì í kọ Halelúyà. Kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà gàdàgbà sórí ìwé, kí ẹ fi pamọ́ sẹ́yìn káàdì tó kẹ́yìn kí Lẹ́ńtì tó bẹ̀rẹ̀, èyí tó jẹ́ ti ọjọ́ 7 oṣù Kejì. Bí ẹ bá padà sí ilé-ìwé lẹ́yìn Àjíǹde, kí ẹ yọ ọ́ jáde kí ẹ gbé e lé orí okùn, kí ó sì wà níbẹ̀ fún gbogbo àádọ́ta ọjọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé ọjọ́ kan ni Àjíǹde. Àsìkò rẹ̀ gùn ju Lẹ́ńtì lọ.

Akọ̀wéPátákó

A ti gé káàdì ní sẹ̀ntímítà mẹ́jọ. Gbogbo 25 gba 200, a óò lo 50 tó kù fún àkọlé. Halelúyà ti wà nínú àpòòwé. Ọjọ́ Ẹtì Rere, a pín sí méjì: mẹ́ta fẹ́ pupa, mẹ́ta fẹ́ òfìfo. Olùkọ́ wa ní òun máa bi olùṣọ́ àgùntàn lọ́la.

Ìbéèrè kan ló kù. Ọ̀kan nínú wa jẹ́ Kátólíìkì, ó ní ìjọ tòun máa ṣe Ìgòkè-re-ọ̀run ní Sọ́ńdè ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún, kì í ṣe Ọjọ́bọ̀. Ṣé ó ṣì kà á ni?

ỌmọMàríà

Kò ṣì í, ọmọ dáadáa. Ní àwọn ibì kan, àwọn bíṣọ́ọ̀bù ti gbé e lọ sí Sọ́ńdè kí èèyàn púpọ̀ lè wá. Ní àwọn ibòmíràn, ó ṣì wà ní Ọjọ́bọ̀.

BàbáAgogo

Ẹ so ó kọ́ sí Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ ogójì. Kí ẹ wá ta òwú pupa kan láti ibẹ̀ lọ sí Sọ́ńdè ọjọ́ 9, kí ọmọ yẹn lè rí ọjọ́ tiwọn náà lórí pátákó.